Ìwé Ìfàṣẹ́léni-lọ́wọ́: Iṣẹ́ Kànga Dẹ́rọ Mẹ́fà ní Gúúsù Kwara

Ọjọ́: 29 oṣù kọkànlá, 2024
Láti ọwọ́: alákòóso iṣẹ́ tó ń lọ
Sí: alákòóso tó ń gbaṣẹ́ (ẹ̀dà kan fún akápò, Ìlọrin)

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun yìí. Síláìdì tí a fi ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, òun náà ni mo gbé ka iwájú kọ ìwé yìí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á lásán yóò rò pé iṣẹ́ ti tán, bẹ́ẹ̀ ibi tó le jù ló kù.

Síláìdì kẹta sọ pé kànga mẹ́fà ti parí. Ní ti gbígbẹ́, òótọ́ ni: Ajàṣẹ́-Ìpo, Òró, Òmù-Àrán, Ìgbàjà, Erín-Ilé àti Ọ̀fà. Táǹkì ti wà lórí òpó irin, sólà ń ṣiṣẹ́, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Síláìdì karùn-ún ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni a to iye omi tí kànga kọ̀ọ̀kan ń mú wá sí. Oṣù kẹsàn-án ni kọngilá wọn gbogbo rẹ̀, nígbà tí òjò ti rin ilẹ̀ gbingbin. Orí àpáta ni agbègbè wa wà. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú ojú sísán àpáta náà ni omi ń sá pamọ́ sí, òjò ló sì ń bọ́ ọ. Bí òjò bá ti dá, omi á máa lọ sílẹ̀ títí òjò mìíràn á fi dé. Ní Ìgbàjà, mítà 6 ni a bá omi ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí mo sọ okùn ìwọ̀n sí i láàárín oṣù yìí, ó ti di mítà 9, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Ìyá kan tí kànga àfọwọ́gbẹ́ rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ fi okùn ìfami rẹ̀ hàn mí. Kókó kan wà lára rẹ̀: ibẹ̀ ni ó ti ń so okùn kejì mọ́ ọn lọ́dọọdún bó bá di oṣù kẹta.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún gbogbo kànga wọ̀n ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Kí wọ́n fa omi láìdúró títí ojú omi ò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ bí omi ṣe ń padà gòkè sílẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín. Tí omi bá dín, ẹ ní kí wọ́n sọ pọ́ńpù sílẹ̀ sí i bí kànga bá jìn tó. Bí kò bá jìn tó, kí wọ́n dín bí ó ṣe ń fà kù. Pọ́ńpù tó bá ń fa afẹ́fẹ́ yóò jóná. Ohun tó máa ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí omi bá tán wà nínú àdéhùn wa, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi í sí ti Òró àti ti Ìgbàjà.

Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kọngilá ti ń pè lemọ́lemọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tún kànga wọ̀n ní oṣù kẹta, kí wọ́n sì tó fi ohun tó ń pa ẹ̀rọ yẹn sí ti Òró àti ti Ìgbàjà. Bí owó yẹn bá ti jáde, a ò ní ohun tí a ó fi pè wọ́n padà mọ́.

Síláìdì kẹjọ sọ pé ìgbìmọ̀ omi wà níbi gbogbo. Ti Òmù-Àrán ló dára jù. Alhaja tó ń tọ́jú owó wọn ń gba ₦20 lórí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń ka owó lójú gbogbo wọn ní ọjọ́ ìpàdé. Inú mi dùn sí ìyá yẹn gan-an. Ẹ bá mi mú àwọn ará Ọ̀fà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, torí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó rárá, owó yìí náà ni a ó sì fi ra pọ́ńpù lọ́jọ́ tí èyí tó wà bá kọṣẹ́.

Omi Erín-Ilé ń pọ́n díẹ̀ láàárọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé irin inú ilẹ̀ ni, kò léwu, àmọ́ ó ń ba aṣọ funfun jẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n má baà padà sí odò. Ìwé ilẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú àpótí irin. Tí ẹ bá dé Ajàṣẹ́-Ìpo, ẹ kọ́kọ́ yà kí Olúpo láàfin kí ẹ tó lọ sídìí kànga.

Kọ́kọ́rọ́ ilé sólà wà lọ́wọ́ akápò, ti Òró nìkan ló wà lọ́wọ́ bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Fóònù mi ò ní yí padà. Ẹ pè mí ní oṣù kẹta, n óò bá yín lọ sí Ìgbàjà.