Ọ̀dọ́ tó ń sá fún ìròyìn: ohun tí ìwádìí 2022 rí, àti ibi tó ti kan Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

(Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 12, fún ìpàdé àwọn oníròyìn rédíò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń yí àwòrán. A kò ní í kà á síta.)

(Àwòrán 1: àkọlé)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Ìwádìí tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí Reuters Institute, ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù, gbé jáde ní oṣù Òkúdù 2022. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀. Ti 2022 la mú nítorí pé ó tú ìdí tí èèyàn fi ń yẹra fún ìròyìn wò fínnífínní, ó sì ya àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35 sọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú dé yàrá ìròyìn yín: nínú gbogbo ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ sọ, èyí tó kéré jù lẹ́nu ni àwa fúnra wa lè tún ṣe lọ́la, láìná kọ́bọ̀.

(Àwòrán 2: bí wọ́n ṣe ṣe é)

Orílẹ̀-èdè 46, èèyàn bí ẹgbẹ̀rún 93, nǹkan bí 2,000 ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. YouGov, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò àwọn èèyàn, ló bi wọ́n ní ìbéèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé 2022. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé ni ogun Yukréènì bẹ́ sílẹ̀, nítorí náà a ò lè di ẹ̀bi iye tí ẹ máa rí yìí ru ogun náà. Ó ti rẹ àwọn èèyàn kó tó dé.

Ìbéèrè tó gbé gbogbo rẹ̀ ró kò gùn: ǹjẹ́ ẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sá fún ìròyìn láyé ìsinsìnyí? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí «mi ò mọ̀»: lemọ́lemọ́, nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n, rárá. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kà sí sísá. Ẹni tó bá fi «ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n» kún un, iye rẹ̀ á fò sókè, á sì máa pariwo kiri pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ rédíò mọ́. Bí ẹ bá rí iye kan nínú ìwé ìròyìn, ìdáhùn tí wọ́n kà mọ́ ọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

(Àwòrán 3: iye)

Ní 2017, 29 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń sá fún ìròyìn lemọ́lemọ́ tàbí nígbà mìíràn. Ní 2022, ó di 38. Ní Bùràsíìlì, ó kúrò ní 27, ó di 54. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 24 di 46. Láàárín àkókò kan náà, àwọn tí ìròyìn wù gidigidi já wálẹ̀ láti 63 sí 51. Ẹ má sì rò pé Kòrónà nìkan ló fà á, kó sì ti lọ tán: ó jẹ́ 36 ní 2023, 39 ní 2024, 40 ní 2025.

(Àwòrán 4: ìdí. Jẹ́ kó pẹ́ lójú ògiri.)

Àwọn tó ń sá yìí ni wọ́n wá bi ní ìdí, kálukú sì lè mú ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyí tí àpapọ̀ rẹ̀ fi ju ọgọ́rùn-ún lọ. 43 ní òṣèlú àti Kòrónà ti pọ̀ jù. 36 ní ó ń ba inú àwọn jẹ́. 29 ní ìròyìn ti pàpọ̀jù, ó ti sú wọn. 29 míì ní àwọn ò gbà á gbọ́. 17 ní ìjà ló ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn àti ẹlòmíì. 16 ní kò sí ohun tí àwọn lè fi ìròyìn náà ṣe.

Ìdí kan tún wà nísàlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníròyìn máa ń fò: kò yé wọn. Láàárín àwọn àgbà, díẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí kò tíì pé 35, àti àwọn tí kò kàwé púpọ̀, ó fi gbangba pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ibí ni a ó ti dúró pẹ́.

(Àwòrán 5: ta ni ọ̀dọ́ yìí?)

Kí á tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Wọ́n tún jókòó bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní Bùràsíìlì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ohun tó hàn ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ìròyìn sí. Òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ìjọba wà lápá kan: ìyẹn ni wọ́n ń sá fún. Eré ìdárayá, orin, ìlera, owó ọjà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wà lápá kejì, wọn ò sì sá fún un. Nínú àwọn ọmọ ọdún 18 sí 24, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń gba ìròyìn lórí Tíkítọ́ọ̀kì ní 2022.

Àwọn kan náà sì wà tí kò sá rárá, àmọ́ tí ìròyìn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn olùwádìí méjì, Morten Skovsgaard àti Kim Andersen, ya irú èèyàn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ọdún 2020. Àkọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ń yẹra. Èkejì, ohun míì ló wù ú. Ẹnì kejì yìí sábà máa ń gbàgbọ́ pé bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀, á bá òun lórí fóònù. Òògùn wọn kò dọ́gba. Bí ẹ bá fi kún ìròyìn fún ẹni àkọ́kọ́, ẹ kàn tún lé e jìnnà sí i ni.

Ní Bẹ̀nẹ̀, a ní láti fi ẹnì kẹta kún un: ẹni tí kò rí ọ̀nà. Ní 2018, ìjọba gbé owó-orí fúránkì 5 lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá lò lórí Fésìbúùkù, Wọ́sáàpù àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún kan náà. Ní ọjọ́ ìdìbò, 28 oṣù Igbe 2019, wọ́n ti íńtánẹ́ẹ̀tì pa. Ẹni tí mẹ́gà rẹ̀ tán kò sá fún nǹkan kan. Bí ẹ bá kà á mọ́ àwọn tó ń sá, ìwádìí yín ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

(Àwòrán 6: ìròyìn kan, ọ̀nà méjì)

Ó kàn wá wàyí. Ẹ gbọ́ ìròyìn kan bó ṣe sábà máa ń jáde tí a bá tú u láti inú ìwé Faransé ní ìkánjú.

(Kà á kíákíá, bí ẹni ń ka ìròyìn.)

«Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti ṣàtúnṣe sí òfin ìdìbò, nípasẹ̀ èyí tí òdiwọ̀n ìfọwọ́sí fún àwọn olùdíje sípò ààrẹ yóò fi kúrò ní ìdá mẹ́wàá bọ́ sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aṣojú tí a dìbò yàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.»

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń fọwọ́ sí kí ni? Èèyàn mélòó? Ọmọ ọdún 22 tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Kétu ti yí rédíò sí ibùdó tó ń lu orin láti Nàìjíríà kí gbólóhùn yẹn tó parí. Ẹ wá gbọ́ èkejì.

(Sinmi díẹ̀. Kà á pẹ̀lẹ́.)

«Ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ ní Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí èèyàn 28 tó máa fọwọ́ sí i. Aṣòfin àti mẹ́rì nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Aṣòfin jẹ́ 109, mẹ́rì jẹ́ 77; àpapọ̀ wọn 186, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ni 28. Kí wọ́n tó tún òfin náà ṣe ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, ìdá 10 ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni aṣòfin tàbí mẹ́rì kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ sí, títí kan mẹ́rì Kétu.»

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò gùn. Àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Bí ìròyìn yín bá jẹ́ mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà. Ọ̀gá kan lè ní mínísítà tó ṣí ilé á bínú pé wọn ò dárúkọ òun. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ohun mẹ́ta ló yí padà níbẹ̀. Èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, dípò òdiwọ̀n. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún di iye tí ọwọ́ lè kà. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sí ìròyìn dà bí ẹni tó wọlé nígbà tí ìjà ti dé àárín: ó rí ẹni tó ń pariwo, kò mọ ohun tó fà á. Àwọn àgbà ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwa oníròyìn náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàgbé láti sọ ọ́.

Ní ti àwọn 16 tó ní kò sí ohun tí àwọn lè fi ìròyìn ṣe, gbólóhùn kan péré lópin ìròyìn ti tó: ọ́fíìsì wo, ọjọ́ wo, ìwé wo ni kí èèyàn mú dání. Bí kò bá sí, ẹ má fipá wá a. Ìrètí àtọwọ́dá máa ń hàn.

(Àwòrán 7: ibi tí ìwádìí náà kù sí)

Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀ ní 2022. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti bi wọ́n. Ẹni tí rédíò nìkan jẹ́ tirẹ̀ ní oko Ṣábẹ̀ kò lè bọ́ sínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara wọn ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ẹni tó ní òun ń sá fún ìròyìn lè máa gbọ́ ju ẹni tó dákẹ́ lọ: ó ti gbọ́ títí ló fi sú u.

(Àwòrán 8: bí a ṣe lè ṣe é níbí)

Kò nílò owó Ọ́sífọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá fi kèké mú èèyàn 400, àṣìṣe yín á wà láàárín 5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. 2,000 ló máa sọ ọ́ di bíi 2. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kí ẹ bi 400, iye yẹn kò wúlò fún ohunkóhun, nítorí ẹ ò bá ọlọ́kadà, aránṣọ àti ọlọ́jà pàdé. Ẹ pín ìlú sí àdúgbò, kí ẹ fi kèké mú ilé, kí ẹ sì bi ọ̀dọ́ kan ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni, àwọn tó wà nílé nìkan lẹ máa bá.

Ẹ fi èdè tí onítọ̀hún ń sọ nílé bi í. Ẹ bi í ní ti mẹ́gà àti ti rédíò ṣáájú kí ẹ tó bi í ní ti sísá, kí ẹ lè yọ ẹni tí kò rí ọ̀nà kúrò. Ẹ má fi ẹni tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ lórí rédíò ṣe ẹni tó ń bèèrè. Wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n á ní «a máa ń gbọ́ yín dáadáa, ọ̀gá», ìwádìí náà á sì forí ṣánpọ́n.

(Àwòrán 9: òfìfo)

Ìwé ìbéèrè olójú ìwé méjì wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní Nàgó, Gùn àti Faransé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù fún ìbéèrè; ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bèèrè.