Ètò Àtúnkà Ọ̀sẹ̀ Méjì Ṣáájú Ìdánwò Ìgbékalẹ̀ Kọ̀ǹpútà

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni ìdánwò. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Òkè-Odò, Tanke, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Jímọ̀, àti láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Alhaja tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ti yọ̀ǹda Àbámẹ́ta kejì fún mi, mo sì dúpẹ́ gidigidi.

N kò ní gbé ìṣirò kankan sí alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí ẹni tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí márùn-ún a máa ṣi bíìtì kà. Ìṣirò jẹ́ ti àárọ̀, láti ìgbà tí mo bá kírun Àsùbáà tán títí di agogo mẹ́jọ, àti ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí n kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Alẹ́ iṣẹ́ jẹ́ ti ohun tí a lè kà wẹ́rẹ́: àbá tí John von Neumann kọ ní 1945 pé kí àṣẹ àti dátà jọ wà nínú mẹ́mórì kan náà, iṣẹ́ rẹ́jísítà kọ̀ọ̀kan, àti DMA, ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín mẹ́mórì àti ẹ̀rọ mìíràn láìgba ọwọ́ CPU.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun wà fún IEEE 754, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà onídẹ́símà, ní ti oníbíìtì 32: bíìtì 1 fún àmì, 8 fún agbára, 23 fún ìdá. Mo gbọ́dọ̀ lè sọ -6.5 di `C0D00000` láìwo ìwé. Láti Ọjọ́rú dé Àìkú, páìpùláìnì ìpele márùn-ún ni, níbi tí àṣẹ kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí, pàápàá irú èyí:

```
lw  $t0, 0($s1)
add $t2, $t0, $t1
```

Bí a tilẹ̀ ń ta èsì látaré sí àṣẹ tó kàn, `add` ṣì ní láti dúró fún sáíkù kan, nítorí pé òpin ìpele MEM, níbi tí a ti ń ka mẹ́mórì, ni dátà `lw` tó dé. Èmi yóò máa ya àtẹ rẹ̀ fúnra mi títí ọwọ́ mi yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti káàṣì, mẹ́mórì kékeré tó yára láàárín CPU àti mẹ́mórì ńlá; òun ni mo bẹ̀rù jù. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Ajé sí Ọjọ́rú. Bí káàṣì bá jẹ́ 16 KB, tí búlọ́ọ̀kù jẹ́ báìtì 64, tí búlọ́ọ̀kù mẹ́mórì kọ̀ọ̀kan sì ní àyè kan ṣoṣo tí ó lè bọ́ sí, búlọ́ọ̀kù 256 ni yóò wà nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì bíìtì 32 yóò wá pín sí 18 fún táàgì, 8 fún ìńdẹ́ẹ̀sì àti 6 fún ipò báìtì nínú búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà ni kí n ṣírò AMAT, ìpíndọ́gba àkókò tí a fi ń dé mẹ́mórì:

`AMAT = 1 + 0.05 × 40 = 3`

kí n sì sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ọjọ́bọ̀ àti àárọ̀ Jímọ̀ wà fún mẹ́mórì àfarawé.

Ní Àbámẹ́ta, mo máa fi aago ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá kan láti òkè dé ilẹ̀. Àìkú jẹ́ ti àṣìṣe tí mo bá ṣe níbẹ̀ nìkan. Kí n sùn ní agogo mẹ́wàá, kí n kúrò nílé ní agogo méje àárọ̀, nítorí èrò máa ń pọ̀ níbi tí a ti ń wọkọ̀ láti Tanke lọ sí ọgbà.