Ìgbà Tí Bẹ́líìtì Yóò Já: Ìjábọ̀ Iṣẹ́ Kíláàsì Lórí Ìlà Ìyè àti Àkíyèsí Tí A Gé Kúrú

Dátà tí ìjábọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta méjìlá ní ìgboro Òṣogbo, púpọ̀ nínú wọn ní àyíká ọjà Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba. Ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ́líìtì tuntun sára ẹ̀rọ ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò bẹ́líìtì náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a ń retí sì ni jíjá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni a fi ń kà á, ìwádìí náà sì parí nígbà tí ọ̀sẹ̀ 20 pé. Bẹ́líìtì tí ó ti wà lára ẹ̀rọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú dátà, nítorí pé bí a bá kó irú wọn mọ́ ọn, kìkì àwọn tí ó lágbára tó láti pẹ́ títí di ìgbà tí a dé ni a óò bá, àwọn tí ó ti já ṣáájú kò ní í sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Àkókò tí a kọ sílẹ̀, láti orí èyí tí ó kéré jù, nìyí. Àmì + lẹ́yìn nọ́ńbà túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì náà kò tíì já nígbà tí a rí i kẹ́yìn:

3, 5, 5+, 7, 8+, 9, 9, 12+, 13, 16, 20+, 20+

Méje já, márùn-ún kò já lójú wa. Àwọn márùn-ún wọ̀nyí ni àkíyèsí tí a gé kúrú, ìdí tí a fi gé wọn kò sì jọra. Ẹni tí ó ni bẹ́líìtì 5+ ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹnìkan ní Ìkìrun, a kò sì lè tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Bẹ́líìtì 12+ wọ inú ìwádìí lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí náà nígbà tí ìwádìí parí, ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni ó ti lò. Méjì tí ó jẹ́ 20+ ṣì ń lọ ata lọ́jọ́ tí a parí. Ti 8+ ni ó yàtọ̀, mo sì máa padà sí i, nítorí pé òun ni gbogbo ìdájọ́ tí a lè ṣe lórí dátà yìí rọ̀ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni àkíyèsí tí a gé kúrú ń sọ: pé àkókò tí bẹ́líìtì náà yóò já ju èyí tí a kọ sílẹ̀ lọ. Ìmọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ gidi ni, ọ̀nà mẹ́ta sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá yọ márùn-ún náà dànù yóò kù pẹ̀lú méje tí ó já, yóò sì rí i pé agbedeméjì wọn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 9 àti pé ìdá 2/7 péré, ìyẹn 0.286, ni ó ré kọjá ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn bẹ́líìtì tí ó lágbára jù lọ nínú dátà ni ó ti jù nù yẹn. Ẹni tí ó bá kà wọ́n bí ẹni pé wọ́n já lọ́jọ́ tí a rí wọn kẹ́yìn ti pa bẹ́líìtì tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì kà wọ́n bí èyí tí kò já rárá yóò sọ pé 5/12, ìyẹn 0.417, wà títí ọ̀sẹ̀ 20, bẹ́ẹ̀ a kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mẹ́ta nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lójú wa.

Ọ̀nà tí Edward Kaplan àti Paul Meier gbé jáde ní ọdún 1958 lo ìmọ̀ kékeré náà láì fi kún un, láì sì yọ nínú rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bẹ́líìtì kan já, a ó ka iye àwọn tí ó ṣì wà lára ẹ̀rọ tí a sì ṣì ń rí ní kété kí ó tó já. Àwọn wọ̀nyí ni ó wà nínú ewu. A ó wo ìdá tí ó la ìgbà náà kọjá nínú wọn, a ó sì fi ìdá yẹn ṣe ìlọ́po iye tí a ti ní tẹ́lẹ̀:

S(t) = ∏ (1 − dᵢ/nᵢ)

Nínú rẹ̀, S(t) ni ìdá bẹ́líìtì tí a ṣírò pé kò tíì já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ t, òun sì ni ìlà ìyè ń yà; nᵢ ni iye tí ó wà nínú ewu, dᵢ sì ni iye tí ó já. Bẹ́líìtì tí a gé kúrú ń bẹ nínú nᵢ títí di ọjọ́ tí a rí i kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni ó kúrò láì mú ìlà náà wálẹ̀. Bí ìgékúrú àti jíjá bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, bí ó ti rí ní ọ̀sẹ̀ 5, àṣà ni pé kí a ka jíjá ṣáájú; nítorí náà ni 5+ fi wà lára àwọn mọ́kànlá tí ó wà nínú ewu nígbà tí èkejì rẹ̀ já.

| Ọ̀sẹ̀ | Nínú ewu | Já | S(t) |
|---|---|---|---|
| 3 | 12 | 1 | 0.917 |
| 5 | 11 | 1 | 0.833 |
| 7 | 9 | 1 | 0.741 |
| 9 | 7 | 2 | 0.529 |
| 13 | 4 | 1 | 0.397 |
| 16 | 3 | 1 | 0.265 |

Kí òǹkàwé wo bí àtẹ̀gùn inú tábìlì yìí ṣe ń ga sí i. Ní ọ̀sẹ̀ 3, bẹ́líìtì kan tí ó já mú ìlà náà wálẹ̀ ní 0.083 péré, ní ọ̀sẹ̀ 13, bẹ́líìtì kan mìíràn tí ó já mú un wálẹ̀ ní 0.132. Kì í ṣe pé bẹ́líìtì ọ̀sẹ̀ 13 ṣe pàtàkì ju ti ọ̀sẹ̀ 3 lọ, àwọn tí ó kù ni ó dínkù, ìpín àwọn tí a gé kúrú ṣáájú sì ti pín sí orí àwọn tí ó ṣẹ́kù. Agbedeméjì ni àkókò àkọ́kọ́ tí ìlà náà bá kan 0.5 tàbí tí ó lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 13. Ní ọ̀sẹ̀ 10, ìlà yìí sọ pé 0.529 ṣì wà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tí ó jù márùn-ún dànù yóò sọ.

Àwọn àṣẹ tí mo fi ṣe é nínú ètò ìṣirò R nìyí:

```r
library(survival)
beliti <- data.frame(
  ose = c(3,5,5,7,8,9,9,12,13,16,20,20),
  ja  = c(1,1,0,1,0,1,1,0,1,1,0,0))
km <- survfit(Surv(ose, ja) ~ 1, data = beliti)
summary(km)
plot(km, mark.time = TRUE)
```

Nínú `ja`, 1 dúró fún bẹ́líìtì tí ó já, 0 fún èyí tí a gé kúrú. `mark.time = TRUE` ni ó ń fi àmì sí ibi tí a ti gé àkíyèsí kúrú lórí ìlà. Mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú àwòrán yìí sílẹ̀ láìní àmì náà, nítorí pé òun ni ó ń fi han òǹkàwé bí ìpìlẹ̀ ìlà ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó ti ń lọ sí apá ọ̀tún.

Fún àlàfo ìgbọ́kànlé, ìyẹn àlàfo tí a gbà pé iye gidi S(t) lè wà nínú rẹ̀, mo lo fọ́múlà Greenwood, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1926. Ní ọ̀sẹ̀ 9, òdiwọ̀n àṣìṣe jẹ́ 0.157. Bí a bá fi ìlọ́po 1.96 rẹ̀ kún S(t), tí a sì tún yọ ọ́ kúrò, àlàfo náà yóò jẹ́ 0.222 sí 0.836. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16, ìsàlẹ̀ àlàfo náà yóò bọ́ sí −0.037, èyí tí kò ní ìtumọ̀ kankan fún ìṣeéṣe. Ìdí nìyí tí R fi ń ṣe ìṣirò náà lórí lógárídímù S(t) bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Ọ̀nà yẹn fún wa ní 0.085 sí 0.826 ní ọ̀sẹ̀ 16. Àlàfo náà gbòòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ tí bẹ́líìtì méjìlá lè sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku bẹ́líìtì 8+. Ìyá tí ó ni ẹ̀rọ náà sọ fún wa pé etí bẹ́líìtì náà ti ń fọ́nká, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ó má baà já mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó dá wàhálà sílẹ̀ fún ìṣirò wa. Gbogbo ohun tí ọ̀nà Kaplan àti Meier ń ṣe dúró lórí èrò kan: pé àwọn tí a gé kúrú kò yàtọ̀ sí àwọn tí ó kù ní ti bí wọ́n ṣe súnmọ́ jíjá tó. Títa ẹ̀rọ sí Ìkìrun kò ní í ṣe pẹ̀lú bí bẹ́líìtì ṣe rí, àyàfi bí ẹ̀rọ náà bá ti ń yọ olówó rẹ̀ lẹ́nu, a sì béèrè, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìwádìí parí kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi gé 8+ kúrú ni pé ó ti fẹ́ já. Kíkà tí a kà á bí èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn bẹ́líìtì tí ara wọn ṣì le mú kí ìlà náà ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Láti mọ bí ó ti pọ̀ tó, mo tún ìṣirò náà ṣe bí ẹni pé 8+ já ní ọ̀sẹ̀ 8. Mẹ́jọ ni ó wà nínú ewu nígbà náà, nítorí náà S(8) di 0.648, S(9) sì di 0.463. Ìlà náà ti kọjá ìdajì ní ọ̀sẹ̀ 9, agbedeméjì sì sọ̀kalẹ̀ láti 13 sí 9. Ọ̀rọ̀ ìyá kan nípa etí bẹ́líìtì rẹ̀ ni ó yí ìdáhùn padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí ẹni tí ó ń wo àmì + nìkan kò lè mọ̀. Nítorí èyí, mo fi òpó kẹta kún dátà náà, níbi tí a kọ ìdí ìgékúrú kọ̀ọ̀kan sí, mo sì rọ̀ wá pé kí òpó náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó ń bọ̀.

Ìdáhùn tí mo fi sílẹ̀ nìyí: bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ìgbà wo ni bẹ́líìtì ń já, agbedeméjì wà láàárín ọ̀sẹ̀ 9 àti 13, ó sì dá lórí bí a ṣe ka 8+; bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ìgbà wo ni bẹ́líìtì kò wúlò mọ́, a jẹ́ pé pípààrọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 9 sì ni ìdáhùn. N kò fi ìlà Ìgbọ̀nà wé ti Ọjà Ọba, nítorí pé jíjá méje kò tó láti pín sí ọ̀nà méjì. Mo sì dá ìlà náà dúró ní ọ̀sẹ̀ 20 lórí àwòrán, ní gíga 0.265, nítorí pé bẹ́líìtì méjì tí ó ṣẹ́kù kò tíì sọ ohunkóhun nípa ọ̀sẹ̀ 21.