Lẹ́tà sí Àwọn Òbí Nípa Ẹgbẹ́ Àdììtú Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Yàrá Àwọn Olùkọ́ Ìṣirò,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó ìwọlé. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ jọ́níọ̀ ní ìṣirò. Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ìyẹn ọjọ́ kejì àjọ̀dún òmìnira, a ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa tú àdììtú onírònú. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni yóò máa wáyé, láti aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ẹ tó gbà kí ọmọ yín dúró lẹ́yìn tí a bá jáde ilé-ìwé.

Àdììtú tí mò ń wí yìí yàtọ̀ sí àlọ́ àpamọ̀ tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà. Bí a bá ní, “Òkun ń hó yaa, ọ̀sà ń hó yaa, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́,” ẹni tó ti rí ọmọrogùn nínú ìkòkò rí ló lè gbà á. Àlọ́ ń la ojú inú ọmọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ti àdììtú onírònú, gbogbo ohun tí ọmọ nílò ti wà nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tí yóò há sórí. Yóò kàn máa fi ọ̀rọ̀ kan gbe èkejì ni, títí tí yóò fi dé ìdáhùn, tí yóò sì lè sọ bó ṣe débẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Ìyá kan lọ́jà ní apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tó fi ìdérí bò. Obì nìkan ló wà nínú ọ̀kan, orógbó nìkan ló wà nínú èkejì, obì àti orógbó ló sì dà pọ̀ sínú ẹ̀kẹta. Àkọlé mẹ́ta ló ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn: OBÌ, ORÓGBÓ, ÀDÀLÙ. Ọmọ tó bá a lẹ̀ wọ́n ṣi gbogbo rẹ̀ lẹ̀ pátá. Kò sí èyí tó bọ́ síbi tó yẹ, ìyá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò mú jáde, láti inú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, láì yọjú wo inú rẹ̀. Inú èwo ni kó ti mú un tí yóò fi mọ ohun tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ ná, kí ẹ rò ó.

Inú èyí tí wọ́n lẹ ÀDÀLÙ mọ́ ni. Nítorí irọ́ ni àkọlé yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ká ní orógbó ló mú jáde: orógbó nìkan ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ó wá ku méjì. Èyí tí wọ́n kọ OBÌ sí kò lè jẹ́ obì, kò sì lè jẹ́ orógbó mọ́, àdàlù ni. Èyí tí wọ́n kọ ORÓGBÓ sí ló wá jẹ́ obì. Bó bá ṣe obì ló kọ́kọ́ mú jáde ńkọ́? Ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ìdí tí mo fi ń du ẹgbẹ́ yìí ni ohun tí mò ń rí ní kíláàsì lójoojúmọ́. Ọmọ yóò nawọ́, yóò dáhùn, yóò sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, “Báwo lo ṣe mọ̀?” kíá ni yóò pa ìdáhùn tó tọ̀nà dà, torí ó rò pé bí olùkọ́ bá béèrè, òun ti ṣì í nìyẹn. Ó dùn mí púpọ̀. Ọmọ tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá pariwo lè yí lérò padà, nínú yàrá ìdánwò àti níta. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí lè dúró lórí ohun tí wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ̀ sọ pé, “Mo ti ṣì í,” nígbà tí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Ìdí nìyí tí a ó fi máa ṣe é ní méjì-méjì: ẹnì kan yóò dáhùn, ìkejì yóò máa bi í ní “kí ló dé?” títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ti ìdánwò, mi ò ní ṣèlérí pé ọmọ tó bá dara pọ̀ mọ́ wa yóò ṣe ipò kìíní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú apá ìṣirò Wáẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣe é ní máàkì tirẹ̀, yàtọ̀ sí ìdáhùn. Irú ìrònú yìí gan-an tún jẹ́ orí kan nínú ìṣirò tí wọn yóò kà ní síníọ̀.

Àwọn bàbá wa kò ṣe aláìmọ èyí. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48: ẹni tó bá ń ta á dáadáa máa ń ro ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn yóò já sí kó tó gbé ọwọ́. A ó máa ta ayò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A ó fi ti ọkùnrin tó fẹ́ gbé ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu sọdá odò bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ rẹ̀ kò gbà ju òun àti ọ̀kan lọ, ẹkùn yóò pa ewúrẹ́ jẹ bó bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, ewúrẹ́ yóò sì jẹ iṣu. Lẹ́yìn náà, Sùdókù, ìyẹn àdììtú tí a ti ń fi nọ́ńbà kún àpótí láì jẹ́ kí ọ̀kan wáyé lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan: kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 1 sí 4 lọ ni a ó kọ́kọ́ ṣe, kí a tó gun èyí tó ní àpótí 81. Ọmọ tí ìṣirò kò yá lára lè ṣe é dáadáa, nítorí kò sí ìròpọ̀ tàbí ìsọdipúpọ̀ nínú Sùdókù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé àwọn tó mọ̀wé jù nìkan ni mo ń pè. Ẹ má sì fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ nílé nítorí iṣẹ́ ilé. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni mò ń tọrọ.

A kò gba owó kankan. Pẹ́ńsù, rọ́bà ìpawérẹ́ àti ìwé àjákọ kan ti tó. A kò lo fóònù, kò sì sí tẹ́tẹ́ tàbí owó nínú ayò tí a ó ta. Àwọn ọmọ tí ilé wọn jìn, pàápàá àwọn tó ń wọ ọ̀kadà wá láti oko, èmi fúnra mi yóò rí i pé wọ́n kúrò ní géètì ní aago mẹ́ta ààbọ̀ gééré. Bí òjò bá ṣú, a ó tú ká kó tó rọ̀. Bí ẹ bá nílò ọmọ yín lọ́jà ní Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ kàn ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní bá a wí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún nílé. Bí ọmọ bá mú àdììtú wálé, tí ẹ sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ní òun ti rí i, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀, kó kọ “Mo gbà” sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé ọmọ náà, kó buwọ́ lù ú, kí ọmọ sì mú un fún mi kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28. Ọgọ́ta ọmọ ni yàrá wa lè gbà. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ ó bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́ ìṣirò ní àkókò ìsinmi, ní aago mọ́kànlá àárọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Ìṣirò, Kíláàsì Jọ́níọ̀.