Ìdánwò Àṣedánrawò: Fonẹ́tíìkì àti Fonọ́lọ́jì Yorùbá

Kíláàsì àtúnyẹ̀wò, Ìbarà, Abẹ́òkúta
Àkókò: wákàtí 2 (agogo 9 sí 11 àárọ̀). Máàkì: 70. Ọgbọ̀n tó kù ti wà nínú tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àmúrelé yín, bó ṣe máa ń rí nínú ìdánwò gan-an.

Dáhùn Ìbéèrè 1, kí o sì mú méjì nínú mẹ́ta tó kù. Fi ìṣẹ́jú 10 ka ìbéèrè, 40 fún Ìbéèrè 1, 35 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí o fi dáhùn, kì í ṣe ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá. Gbogbo fóònù yóò wà lórí tábìlì iwájú.

Ìbéèrè 1 (máàkì 30, dandan ni)
(a) Ṣàpèjúwe ìró tí lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún: b, ṣ, p, m, h. Sọ ipò tán-án-ná, ibi ìsẹ́nupè àti ọ̀nà ìsẹ́nupè. (15)
(b) Pín Abẹ́òkúta, gbangba àti ńlá sí sílébù, kí o sì dárúkọ ohùn orí sílébù kọ̀ọ̀kan. (9)
(c) Fi àmì ohùn sórí "igba" lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì sọ ìtumọ̀ wọn. (6)

Ìbéèrè 2 (máàkì 20)
(a) Ní owó di lówó, ní ayọ̀ di láyọ̀, ní ilé di nílé. Ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. (12)
(b) Kí ló dé tí n kò fi di l nínú nílé? (8)

Ìbéèrè 3 (máàkì 20)
(a) Kọ bí a ṣe ń pe ilé ìwé, owó ilé, ará òkè àti ará ilé nígbà tí àrànmọ́ bá wáyé. Fáwẹ̀lì wo ló yí padà, kí ló sì dà? (16)
(b) Fáwẹ̀lì wo ló máa ń tètè juwọ́ sílẹ̀ nínú àwọn àpẹẹrẹ yìí? (4)

Ìbéèrè 4 (máàkì 20)
(a) Lo ẹja, ọba, ayé, àwo, ẹsẹ̀ àti ewé láti ṣàlàyé òfin àǹkóò fáwẹ̀lì. (16)
(b) Báwo ni télọ̀ ṣe rú òfin náà? (4)

ÌLÀNÀ MÁÀKÌ (fún olùmáàkì nìkan)

1(a) Máàkì 3 fún ìró kọ̀ọ̀kan, 1 fún abala kọ̀ọ̀kan.
b: àkùnyùn, afèjì-ètè-pè, asẹ́nupè.
ṣ: àìkùnyùn, afàjàferìgìpè, àfúnnupè.
p: àìkùnyùn, afàfàséfètèpè, asẹ́nupè. Ẹni tó bá kọ "afèjì-ètè-pè" ń wo lẹ́tà, kò gbọ́ ìró: máàkì 2 péré.
m: àkùnyùn, afèjì-ètè-pè, àránmúpè.
h: àìkùnyùn, afitán-án-ná-pè, àfúnnupè.

(b) Máàkì 1 fún sílébù kan pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Bí ohùn bá ṣì, kò sí ààbọ̀.
A (àárín), bẹ́ (òkè), ò (ìsàlẹ̀), kú (òkè), ta (àárín).
gban, gba: àárín méjèèjì. Ẹni tó bá pín in sí mẹ́ta, bíi gba-n-gba, kò gba nǹkan kan.
ń, lá: òkè méjèèjì.

(c) Máàkì 1 fún àmì, 1 fún ìtumọ̀. Igbá, ìgbà, igba (200), igbà (okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ) àti ìgbá (ọ̀gbìn tí a ń jẹ) ló tọ́. Gba mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan bí ó bá kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2(a) Máàkì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú lówó àti láyọ̀: í ti "ní" jẹ ìpajẹ (1), ohùn òkè rẹ̀ kò lọ, ó bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó ṣẹ́kù (1), fáwẹ̀lì náà kò ránmú (1), n sì di l (1). Nínú nílé: i ti "ilé" ló jẹ ìpajẹ (2), í ti "ní" dúró pẹ̀lú ohùn rẹ̀ (1), n kò yí (1).

(b) Ibí ni ọ̀pọ̀ yóò ti ṣìnà. Àkọtọ́ kì í kọ n sẹ́yìn fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀lé m tàbí n, nítorí náà í inú "ní" dà bí aláìránmú lójú ìwé, àmọ́ àránmúpè ni (4). Iwájú fáwẹ̀lì àránmúpè ni n ti ń jẹ yọ, l sì ń jẹ yọ níwájú aláìránmú (4). Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé "nítorí i ló tẹ̀lé e" láìmẹ́nu ba ìránmú, fún un ní 2. Lílọ já ìdáhùn bẹ́ẹ̀ nírọ́.

3(a) Máàkì 2 fún àbájáde, 2 fún àlàyé. Iléèwé: ì di è. Owóolé: i di o. Aróòkè: á di ó. Aráalé: i di a.
(b) i (4).

4(a) Ìpìlẹ̀ òfin: e tàbí o kì í bá ẹ tàbí ọ jọ wà nínú ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tí kì í ṣe àkànpọ̀ (6). Ẹsẹ̀ àti ewé fi èyí hàn (4). a kì í tẹ̀lé e tàbí o, ìdí nìyí tí a fi ní ẹja àti ọba, tí a kò ní *eja tàbí *oba (3). Ṣùgbọ́n a lè ṣíwájú wọn, bí ayé àti àwo (3).
(b) Ọ̀rọ̀ àyálò ni (2). É àti ọ̀ jọ wà nínú rẹ̀ (2).