Ká Ṣẹ́ Gbogbo Dọ́là Wa Lẹ́ẹ̀kan, àbí Díẹ̀díẹ̀? Ìbéèrè Tọkọtaya Kan Tó Fẹ́ Kọ́lé n'Íbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń wa tírélà, Amẹ́ríkà la wà. Ọdún mọ́kànlá la fi tọ́jú 45,000 dọ́là tí a fẹ́ fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sórí ilẹ̀ wa ní Mọ́níyà. A ti san owó ilẹ̀ tán, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi ní ká ṣẹ́ gbogbo owó náà sí náírà ká lè sinmi. Èmi ni ò lè sùn. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun o, ìyàwó wa, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Lójú tèmi, ẹ má ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ilé máa jẹ láàárín oṣù méjì ni kí ẹ máa ṣẹ́, kí ìyókù wà ní dọ́là níbi tó wà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti ṣìnà rí. Ní Máàsì 2023, àǹtí mi kan fi 6,000 dọ́là ránṣẹ́, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní June 14 ọdún yẹn ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú okùn lọ́rùn náírà, tí wọ́n ní kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bí 470 lójú ìwé kí wọ́n tó tú u ti kọjá 1,500 kí Fẹ́búárì 2024 tó parí. Ìdajì owó àǹtí mi ṣì wà ní báńkì nígbà náà, ó ń wò wá. Irin tí a tètè rà nínú ìdajì kejì nìkan ni kò jẹ́ kí ojú tì mí.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n bí náírà bá wá gbéra ńkọ́? Ohun tí ọkọ mi ń bẹ̀rù nìyẹn. Ó ní a lè di dọ́là mú kó sì já sí òfo.

Ìdáhùn: Kò jìnnà sóòótọ́. Ní 2024 kan náà, náírà tó ti kọjá 1,500 padà sí bí 1,200 ní Épírì. Àwọn tó ń dúró kó dé 2,000 kí wọ́n tó ṣẹ́ fi ìka àbámọ̀ bọnu. Kò pẹ́ ló tún yí padà. Ní 2025 náà, náírà rọra gbéra, ó sì parí ọdún lábẹ́ 1,500. Ta ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Abókí tó ń ṣẹ́ owó lójoojúmọ́ kò mọ̀ ọ́n, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti awakọ̀ tírélà (kí wọ́n má bínú o).

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pín in nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò ní bá ọjọ́ tó dára jù lọ pàdé, ẹ ò sì ní kó gbogbo owó sọ́jọ́ tó burú jù lọ.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ará òkè òkun kì í rò. Náírà lè gbéra, ọjà kì í fẹ́ wálẹ̀. Níparí 2023, bí 5,500 náírà là ń ra àpò símẹ́ńtì kan. Ní Fẹ́búárì 2024 ó ti lé ní 10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, títí ìjọba fi pe àwọn tó ń ṣe símẹ́ńtì jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Nígbà tí dọ́là wá já ní Épírì, ṣé ó padà sí 5,500? Rárá o. Bí dọ́là bá já lọ́wọ́ yín tí ọjà ò sì já, ẹ̀yin lẹ pàdánù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, iye tí irin àti símẹ́ńtì ń lọ ni kó máa wò, kó tó wo iye tí dọ́là ń lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ká wá ṣẹ́ púpọ̀, ká fi ra gbogbo nǹkan pamọ́ nígbà tí kò tíì wọ́n?

Ìdáhùn: Ohun tí kì í bàjẹ́ nìkan. Irin, páànù, wáyà, páìpù: ẹ rà wọ́n bí ibi tó ní kọ́kọ́rọ́ bá wà, kí ẹni tẹ́ ẹ finú tán sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Símẹ́ńtì, rárá! Mo ti fi ìka gún àpò kan tí wọ́n bo tapólì lé lórí fún oṣù mẹ́rin rí. Èékánná mi ló ṣẹ́. Bíríkìlà ní kí á fọ́ ọ, ká fi di kòtò ojú ọ̀nà. Igba àpò ni o.

Ìbéèrè: Bí a bá ṣẹ́ ẹ tán, ṣé a ò lè fi sí báńkì kó máa pa èlé?

Ìdáhùn: Èlé wà. Ní 2024, tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ọlọ́dún kan, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú, ń fúnni ní ohun tó lé ní 20 nínú 100. Ṣùgbọ́n ní Disẹ́ńbà ọdún yẹn, ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 34.8 nínú 100. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ti èlé lọ tún wà. Bí dọ́là bá wà ní 1,500, owó yín á di mílíọ̀nù 67 ààbọ̀ náírà. Bí báńkì bá kú, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdúró fún owó tí a fi sí báńkì, kì í san ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ kíákíá fún ẹnì kan. Kì í ṣe àlá o: Júùnù 2024 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ wà, ìdúró tí ìjọba ṣe fún ẹni tó fowó sí báńkì tó 250,000 dọ́là. Kí lẹ fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀ fún tí kò tíì níṣẹ́ tó máa ṣe?

Ìbéèrè: Àbúrò ọkọ mi ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ó ní àkáǹtì òun ni ká máa san owó sí.

Ìdáhùn: Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, ẹbí ni. Àmọ́ náírà tó bá jókòó sójú kan láìníṣẹ́, àwọn ará ilé á bá a wá iṣẹ́: ìsìnkú, owó iléèwé, ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì náírà wà ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tó ta irin ni kẹ́ ẹ san owó irin fún tààrà. Owó iṣẹ́ àwọn bíríkìlà nìkan ni kí àbúrò gbà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó sì fi fọ́tò ibi tí iṣẹ́ dé ránṣẹ́. Bó bá bínú, ọkọ yín ni kó bá a sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ìyàwó.

Ìbéèrè: Ẹ bá wa pín in wàyí.

Ìdáhùn: Lẹ́ẹ̀kíní, 12,000: àwòrán ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, kànga, ìpìlẹ̀, àti gbogbo irin tí ilé náà máa lò. Lẹ́ẹ̀kejì, 9,000, kó gbé ògiri dé lẹ́ńtẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, 10,000 fún òrùlé, ẹ má sì dá a dúró sáàárín, torí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. 14,000 tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ilé tó ní òrùlé. Iṣẹ́ inú ló ń gbé owó mì jù.

Ẹ má tún pín in wẹ́wẹ́ sí ogún ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń yọ owó tiwọn. Kẹ́ ẹ tó fi owó kejì ránṣẹ́, ẹ pe ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹbí yín pé kó lọ wo ìpìlẹ̀ náà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, kó jẹ́ èmi. Òjòó ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Mọ́níyà.