Ìbéèrè Ìjíròrò fún Kíláàsì Ọjọ́bọ̀: Lewis, Ọjà Atakúnmọ́sà àti Owó Tó Ń Ti Òkè Òkun Wá

Kí ẹ tó dé, ẹ ka abala àkọ́kọ́ nínú àròkọ tí Arthur Lewis, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ní 1954 lórí ìdàgbàsókè ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tí kò bá kà á, kó jókòó kó gbọ́, kó má dá sí i. Ìbéèrè kejì la máa pẹ́ lé lórí jù.

1. Lewis ní tí èèyàn bá pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ kan, a lè mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ohun tí iṣẹ́ náà ń mú wá má sì dín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín ṣàlàyé èyí láìwo ìwé. Nínú ìdílé yín, ta ló fi oko tàbí ìsọ̀ sílẹ̀ tí iṣẹ́ kò fi dín? Ta ló lọ tí gbogbo nǹkan fi dẹnu kọlẹ̀?

2. Kì í ṣe oko nìkan ni Lewis ń bá wí. Ó mẹ́nu kan àwọn tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ pẹ̀lú: ó ní ọjà kún fún ìsọ̀ kéékèèké, oníkálukú ń tà díẹ̀díẹ̀, bí a bá sì dín wọn kù gidigidi, kò ní ni oníbàárà lára. Ó tiẹ̀ ní èrè tí ọlọ́jà ń jẹ lórí ọjà lè wálẹ̀, kó sì tún san oníbàárà jù.

Ẹ gba Ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà lọ lọ́sẹ̀ yìí, ní méjì-méjì. Ẹ jókòó ti ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátò. (Ẹ kí i dáadáa, ẹ rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì bi í ní iye èrè tó ń jẹ. Ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n bi màmá tiyín náà.) Èèyàn mélòó ló lè ra odindi apẹ̀rẹ̀ kan? Èèyàn mélòó ló ra òkìtì kékeré? Ta ló gba àwìn, báwo ni ìyá náà sì ṣe mọ ẹni tó máa san án? Tí kò bá sí oníbàárà, kí ló ń ṣe: ṣé ó ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò, ṣé ó ń tọ́jú ọmọ, àbí ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ tajà? Tí a bá kó ìdajì àwọn ìsọ̀ yẹn kúrò lọ́la, ta ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, èló ni yóò sì máa gbà?

3. Ọdún 1954 kan náà ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, Peter Bauer, gbé ìwé jáde lórí òwò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó fi Nàìjíríà àti Gold Coast ṣe àpẹẹrẹ. Òun rí alárobọ̀ àti alágbàtà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wúlò: níbi tí owó òkòwò ti wọ́n, tí èèyàn sì pọ̀, ó bọ́gbọ́n mu kí ọ̀pọ̀ ọwọ́ máa pín ẹrù sí wẹ́wẹ́ fún ẹni tí kò lè ra púpọ̀. Èmi ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Bauer lórí èyí, ẹ má kàn torí bẹ́ẹ̀ gbà pẹ̀lú mi. Kí lẹ rí lọ́jà tó gbe Lewis lẹ́yìn?

4. Lójú Lewis, èrè tí olówó òkòwò bá dá padà sẹ́nu iṣẹ́ ló ń gbé ilẹ̀ ga. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ilé tí wọ́n wá kọ́ sí Iléṣà, ọmọ tí wọ́n rán níwèé: ṣé òkòwò nìyẹn, àbí ìnáwó? Owó alájọ ńkọ́?

5. Ẹ ká ní ọmọ kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds fi 200 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsọ̀nà, ní Iléṣà. Ilé-iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ yọ pọ́n-ùn 4, ó sì ṣẹ́ ìyókù ní ₦1,950, nígbà tí pọ́n-ùn kan ń lọ ní ₦2,050 lọ́jà. Èló ló dé ọwọ́ ìyá? Èló ló bọ́ sọ́nà, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún sì ni? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kí ìnáwó yìí wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 3% kó tó di 2030. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ka pọ́n-ùn 4 nìkan yóò rò pé wọ́n ti dé ibẹ̀ tán.

6. Ìyá yìí fi díẹ̀ san owó ilé-ìwé, ó fi díẹ̀ kún ọjà, ó sì fi ìyókù ra páànù. Níbo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nínú àlàyé Lewis? Ẹ yà á sórí pátákó.

7. Lewis ní owó oṣù iléeṣẹ́ sábà máa ń fi nǹkan bí 30% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ohun tí èèyàn ń rí nídìí iṣẹ́ àbáláyé kí ó tó wu èèyàn láti lọ. Láti oṣù keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Àbúrò nọ́ọ̀sì yẹn ń bá ìyá wọn tajà. Wọ́n wá fi iṣẹ́ ₦70,000 lọ̀ ọ́ ní Èkó. Ẹ fi owó ilé àti owó ọkọ̀ sí i, kí ẹ sọ bóyá yóò lọ. Tí owó bá sì ń ti Leeds wá lóṣooṣù, ṣé iye tó máa gbà kó tó gbéra yóò lọ sókè ni, àbí owó yẹn gan-an ni yóò fi san ilé Èkó?